PT àti INR fún ẹni tó ń lo wọ́fáríìnì: ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá jù ní láàbù

Kí ni wọ́n ń wò gan-an nígbà tí wọ́n bá ní kí n lọ ṣe PT?

Àkókò ni wọ́n ń wò: ó pẹ́ tó kí ẹ̀jẹ̀ yín tó dì. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò kékeré kan tí ọmọrí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Sítíréètì díẹ̀ ti wà nínú ìgò náà, òun ló máa ń di kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ mú kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A ó wá fi ẹ̀rọ yí ìgò náà títí omi tó pọ́n bí ìyeyè yóò fi ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ lókè, tí èyí tó pupa yóò sì rì sísàlẹ̀.

Omi òkè yẹn la ń lò. A ó jẹ́ kó gbóná dé ìwọ̀n ooru ara ènìyàn, a ó da kálísíọ̀mù padà sí i pẹ̀lú èròjà kan tó ń ta ẹ̀jẹ̀ jí láti dì, bí wọ́n bá sì ti pàdé ni aago bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Nígbà tí omi yẹn bá dì ni aago dúró. Iye ìṣẹ́jú-àáyá tó kà ni PT. Lára ẹni tí kò lo oògùn kankan, ó máa ń tó nǹkan bí 11 sí 13. Lára ẹni tó ń lo wọ́fáríìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì, a lè rí 24, a lè rí 30. Armand Quick ló gbé àyẹ̀wò yìí kalẹ̀ ní 1935, ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò sì tíì yí padà títí dòní.

INR wá ńkọ́? Kí ló dé tí ìṣẹ́jú-àáyá nìkan kò tó?

Nítorí pé èròjà tí láàbù kọ̀ọ̀kan fi ń ta ẹ̀jẹ̀ jí kò lágbára bákan náà. Òmíràn yára, òmíràn ń fà. Ẹ̀jẹ̀ kan náà lè lo ìṣẹ́jú-àáyá 24 ní láàbù kan, kó lo 20.5 ní òmíràn. Dókítà tó bá rí nọ́ńbà méjèèjì á rò pé oògùn ti dín kù lára aláìsàn, bẹ́ẹ̀ oògùn kò dín kù rárá. Láti yanjú èyí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe gba INR wọlé ní 1983.

Gbogbo èròjà tí ilé iṣẹ́ bá ṣe ló ní nọ́ńbà kan tó ń sọ bó ṣe lágbára tó, ìyẹn ISI. A ó fi PT yín wé ti ẹni tí kò lo oògùn, a ó sì fi ISI tún un ṣe:

```
INR = (PT yín ÷ PT ẹni tí kò lo oògùn)^ISI
```

Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀jẹ̀ òkè yẹn ṣe é. Ká ní PT ẹni tí kò lo oògùn jẹ́ 12 ní láàbù méjèèjì. Ní láàbù àkọ́kọ́, ISI jẹ́ 1.0: 24 pín sí 12 jẹ́ 2, INR rẹ̀ náà sì jẹ́ 2.0. Ní láàbù kejì, ISI jẹ́ 1.3: 20.5 pín sí 12 jẹ́ nǹkan bí 1.7, tí a bá sì gbé e dé agbára 1.3, ó di 2.0. Ìṣẹ́jú-àáyá yàtọ̀, INR dọ́gba. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn èèyàn pé tí wọ́n bá ń kọ èsì sínú ìwé wọn, INR ni kí wọ́n kọ.

Níbo ló yẹ kí INR mi wà?

Ẹni tí kò lo oògùn máa ń wà ní nǹkan bí 1. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ti dì rí nínú iṣan ẹsẹ̀ tàbí nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àárín 2.0 sí 3.0 ni wọ́n sábà máa ń fẹ́ kó wà. Ẹni tí wọ́n fi fáàfù onírin sí ọkàn rẹ̀ lápá òsì, sí ẹnu ọ̀nà láàárín yàrá òkè àti yàrá ìsàlẹ̀, ni wọ́n máa ń fẹ́ kó ga díẹ̀ sí i, 2.5 sí 3.5.

Ẹ béèrè tiyín lọ́wọ́ dókítà yín, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. INR 2.2 dára púpọ̀ fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù ségesège, àmọ́ ó ti kéré jù fún ẹni tó ní fáàfù onírin níbi tí mo wí yẹn.

Iye oògùn tí mò ń lò kò yí padà. Kí ló dé tí INR mi ń lọ sókè sódò?

Wọ́fáríìnì kì í fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ tààrà. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, mẹ́rin lára wọn sì wà tí ẹ̀dọ̀ kò lè parí iṣẹ́ wọn láìsí fítámìn K: ìkejì, ìkeje, ìkẹsàn-án àti ìkẹwàá. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti lo fítámìn K tán, ó máa ń sọ ọ́ dọ̀tun kó lè tún un lò. Ibi ìsọdọ̀tun yẹn ni wọ́fáríìnì dí. Ẹ̀dọ̀ á ṣì máa ṣe èròjà jáde, àmọ́ aláìpé ni wọn, wọn kò lè ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ohunkóhun tó bá kan fítámìn K, tó bá kan ẹ̀dọ̀, tàbí tó bá kan bí ara ṣe ń yọ wọ́fáríìnì kúrò, á yọ lára INR. Ìgbẹ́ gbuuru ọjọ́ mẹ́ta, ibà, àìjẹun dáadáa, ọtí tó pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn tó ń rẹ̀ tí ẹ̀dọ̀ sì wú nítorí rẹ̀: gbogbo wọn lè gbé e sókè láìjẹ́ pé ẹ fi hóró oògùn kan kún tàbí yọ ọ̀kan kúrò.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni mo ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, INR mi sì ti pé 2. Kí ló dé tí wọn kò dá abẹ́rẹ́ hẹ́párínì tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì dúró?

Nítorí pé 2 ọjọ́ kẹta kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú 2 oṣù kẹta. Àwọn èròjà mẹ́rin tí mo kà lẹ́ẹ̀kan kì í kú lọ́jọ́ kan náà. Èkeje ló ń tètè tán: láàárín wákàtí mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìkejì ló ń pẹ́ jù, ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ méjì ààbọ̀ kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. PT sì máa ń tètè gbọ́ nípa èkeje. Ohun tí nọ́ńbà yín ń sọ ni pé èkeje ti ń tán. Ìkejì, tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń di ẹ̀jẹ̀ pọ̀ nínú iṣan, ṣì pọ̀ níbẹ̀ bí ó ti wà.

Ohun mìíràn tún wà tó ń já mi láyà tí mo bá gbọ́ pé ẹnì kan dá abẹ́rẹ́ dúró fúnra rẹ̀. Wọ́fáríìnì tún máa ń dín èròjà kan kù tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, ìyẹn pùrótíìnì C, òun náà sì ń tètè tán. Ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ̀jẹ̀ lè túbọ̀ fẹ́ dì ju bó ṣe wà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ. Fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan rẹ̀, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ hẹ́párínì fi gbọ́dọ̀ bá oògùn náà rìn fún ọjọ́ márùn-ún ó kéré tán, títí INR yóò fi wà ní 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún odindi wákàtí mẹ́rìnlélógún.

INR mi jẹ́ 2.5 lóṣù tó kọjá, ó di 2.8 lónìí. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Rárá. Bí a bá yẹ ẹ̀jẹ̀ kan náà wò lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, a lè rí 2.5 ní ìgbà àkọ́kọ́ kí a rí 2.6 ní ìgbà kejì. Ara náà kì í dúró sójú kan. Ìyípadà kékeré láàárín ibi tó yẹ kí ẹ wà, láìsí ohun kan tó yí padà lára yín tàbí nínú oògùn yín, kì í ṣe ìròyìn.

Ó yàtọ̀ tí nọ́ńbà bá sún mọ́ etí. Ewu kì í pọ̀ sí i ní ìdọ́gba-ìdọ́gba bí nọ́ńbà ṣe ń yí. Láàárín 2 sí 3, ewu fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú bí ilẹ̀. Tí ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ 2, ilẹ̀ náà di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Fún àwọn tí ọkàn wọn ń lù ségesège, ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1996 fi hàn pé ewu rọpárọsẹ̀ ní 1.7 tó ìlọ́po méjì ti 2.0, nígbà tó bá sì di 1.5, ó ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Ẹ wò ó dáadáa: láti 2.8 sí 2.5, 0.3 ni, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti 2.0 sí 1.7, 0.3 náà ni, ewu ti di méjì. Ní apá òkè, tó bá ti kọjá 4 ni ewu kí ẹ̀jẹ̀ ya sínú ọpọlọ ń gòkè kíákíá.

Nítorí náà, ìbéèrè tí mo máa ń fẹ́ kí èèyàn bi ara rẹ̀ kì í ṣe "mélòó ló fi yí?" Mẹ́ta ni: ibo ló ti kúrò, ibo ló dé, kí ló sì ti yí padà nínú ayé mi láti ìgbà àyẹ̀wò tó kọjá?

INR mi já sí 1.8. Ṣé kí n fi ìdajì hóró kún un lójoojúmọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é fúnra yín. Ẹ wo ohun tí ìdajì hóró yẹn jẹ́. Ká ní mílígíráàmù 5 lẹ̀ ń lò lójoojúmọ́, ìyẹn 35 lọ́sẹ̀. Ìdajì hóró lójoojúmọ́ jẹ́ 2.5, ní ọ̀sẹ̀ kan ó di 17.5. Ẹ ti gbé oògùn yín láti 35 lọ sí 52.5, ìdajì odindi lẹ fi kún un. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń fi nǹkan bí ìdá márùn-ún sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún oògùn ọ̀sẹ̀ kan, wọn kì í sábà kọjá ibẹ̀. Fún ẹni tó ń lo 35, ìdajì hóró kan péré lọ́jọ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ ti sọ ọ́ di 37.5. Ìyẹn nìkan ti lè tó.

Ohun kejì ni pé ìdáhùn kì í dé kíákíá. Wọ́fáríìnì pẹ́ nínú ara, ó ń gba nǹkan bí wákàtí 40 kí ìdajì rẹ̀ tó jáde, àwọn èròjà ẹ̀jẹ̀ náà sì ní àkókò tiwọn. Ohun tẹ́ ẹ bá yí lónìí, ọjọ́ kejì tàbí ìkẹta ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ kan kó tó hàn tán. Ẹni tó fi hóró kún un ní ọjọ́ Ajé, tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ọjọ́rú, tó rí i pé kò tíì gòkè, tó tún fi kún un, ìlọ́po ló ń dúró dè é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Fún ẹni tí INR rẹ̀ ti dúró dáadáa tẹ́lẹ̀, tí ọ̀kan péré wá yà kúrò ní ìwọ̀n 0.5 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, tí a kò sì rí ìdí kan, ọ̀pọ̀ dókítà kì í fọwọ́ kan oògùn rárá. Wọ́n á ní kó tún ṣe àyẹ̀wò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ní fáàfù onírin kọ́ là ń wí o. Kí òun pe dókítà rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Mo lo oògùn apakòkòrò fún eyín, INR mi gòkè díẹ̀. Ṣé ó máa bọ̀ sípò fúnra rẹ̀?

"Díẹ̀" yẹn ló ń kó wa láyà sókè. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọkùnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Mílígíráàmù 5 lójoojúmọ́ ló ń lò nítorí ọkàn tó ń lù ségesège. Èsì rẹ̀ mẹ́ta tó kọjá jẹ́ 2.4, 2.6, 2.5. Wọ́n kọ mẹtironídásóòlù fún eyín rẹ̀, ọjọ́ méje. Kò sọ fún dókítà eyín pé òun ń lo wọ́fáríìnì. Ní ọjọ́ kẹrin, ọjọ́ àyẹ̀wò rẹ̀ pé, ó jẹ́ 3.1. Ẹni tó bá wo nọ́ńbà nìkan á sọ pé 0.1 ló fi kọjá ààlà, kó máa lọ, kó padà wá lọ́sẹ̀ méjì.

Bẹ́ẹ̀, àárín ọ̀nà ni 3.1 yẹn wà, kò tíì dé ibi tó ń lọ. Mẹtironídásóòlù ń dí ọ̀nà tí ẹ̀dọ̀ ń gbà fọ́ wọ́fáríìnì tó kù sínú ara. Hóró 5 tó ń gbé mì lójoojúmọ́ ti ń ṣe bí 7 tàbí 8. Bó bá bá a lọ bẹ́ẹ̀, INR rẹ̀ lè kọjá 5 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bóyá ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni pé ẹ̀jẹ̀ ń bá búrọ́ọ̀ṣì jáde lára erìgì rẹ̀. 3.1 ti ẹni tí kò yí nǹkan kan padà, a lè fi í sílẹ̀. 3.1 tirẹ̀ ń fẹ́ kí wọ́n dín wọ́fáríìnì kù lọ́jọ́ náà, kí wọ́n sì tún yẹ̀ ẹ́ wò láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta.

Ibi kejì tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ìpadàbọ̀. Nígbà tí oògùn eyín bá tán, ẹ̀dọ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Tí kò bá sí ẹni tó rántí dá wọ́fáríìnì padà sí 5, lọ́sẹ̀ kan sí méjì lẹ́yìn náà, INR rẹ̀ á ti já sí 1.6, kò sì ní mọ̀ ọ́n lára rárá. INR tó bá gòkè máa ń fi ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà míì. Èyí tó bá já kì í sọ nǹkan kan títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dì.

Kò-tirimósásóòlù, oògùn apakòkòrò mìíràn, àti fulukonásóòlù tí wọ́n fi ń wo kòkòrò olú máa ń gbé e sókè lọ́nà kan náà. Àmìodárónì tí wọ́n ń fún ọkàn máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Rifamipísínì, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, àti kabamasepíìnì, oògùn wárápá, máa ń fà á wálẹ̀, nígbà tí wọ́n bá sì dá wọn dúró, INR á bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Nítorí náà ẹ sọ nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ sì tún sọ nígbà tẹ́ ẹ bá dá a dúró.

Ṣé kí n pa ẹ̀fọ́ tì?

Rárá o. Fítámìn K pọ̀ nínú ẹ̀fọ́ tó bá tutù yọ̀yọ̀, òótọ́ ni, òun sì ń bá wọ́fáríìnì jà. Àmọ́ dókítà ti wọn oògùn yín mọ́ oúnjẹ tẹ́ ẹ ń jẹ. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀fọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀, kó máa jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń da INR rú ni kí ẹnì kan pa á tì lójijì, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi ewé tútù ní àràárọ̀ nítorí pé ẹnì kan ní ó dára fún ẹ̀jẹ̀. Àgbo náà, ẹ sọ fún dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Oògùn ara ríro wo ni mo lè lò?

Parasitamọ́ọ̀lù ló dára jù, àmọ́ kì í ṣe aláìlẹ́bi pátápátá. Ẹni tó ń lo gíráàmù 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, INR rẹ̀ lè gòkè. Hóró onímílígíráàmù 500 mẹ́rin lójúmọ́ ni gíráàmù 2 yẹn. Ẹ lò ó nígbà tó bá ro yín, tó bá sì ti ń di ojoojúmọ́, kẹ́ ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò.

Asipirínì àti ibuporofẹ́ẹ̀nì léwu lọ́nà tí INR kò lè fi hàn. Ara àwọn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ dí ojú ọgbẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí, wọ́n sì tún ń bẹ́ ìfun jẹ. INR lè jẹ́ 2.4 lórí ìwé, kí inú máa ṣẹ̀jẹ̀. Bí dókítà bá mọ̀ọ́mọ̀ kọ asipirínì pọ̀ mọ́ wọ́fáríìnì fún yín, ó ní ìdí rẹ̀. Ẹ má ra á fúnra yín.

Mo gbàgbé láti lo ti àná.

Tẹ́ ẹ bá rántí lọ́jọ́ kan náà, ẹ lò ó. Tó bá ti di ọjọ́ kejì, ẹ fò ó, ẹ lo ti òní nìkan, ẹ má lo méjì pọ̀. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí aláìsàn bá fi í pa mọ́ nítorí ìtìjú, tí dókítà wá rí 1.7, tó sì fi oògùn kún un fún ẹni tó jẹ́ pé ìgbàgbé ló ṣe é.

Mo tún oògùn rà, àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀. Ṣé ọ̀kan náà ni?

Ẹ ka nọ́ńbà tó wà lára rẹ̀, ẹ má tẹ̀ lé àwọ̀. Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, hóró wọ́fáríìnì aláwọ̀ píńkì jẹ́ mílígíráàmù 1. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, píńkì jẹ́ mílígíráàmù 5. Ẹni tó gba oògùn lọ́wọ́ ọmọ tó wà lókè òkun, tó sì ń fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n, lè máa lo ìlọ́po márùn-ún láìmọ̀.

Ẹ̀rọ ìka sọ pé 4.6, láàbù sọ pé 3.9 lọ́jọ́ kan náà. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Láàárín 2 sí 3, ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ìka ṣe àti láàbù sábà máa ń súnmọ́ra, a kì í sì yọ ara wa lẹ́nu tí ìyàtọ̀ wọn kò bá ju 0.5 lọ. Tó bá ti kọjá 4, ẹ̀rọ ìka máa ń sọ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà púpọ̀. Nọ́ńbà gíga láti ara ẹ̀rọ ìka, ẹ̀jẹ̀ inú iṣan apá ni ká fi wádìí rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó yí oògùn.

Láàbù náà lè ṣi í. Ìgò ọmọrí búlúù yẹn ní ìlà lára. Ìdá mẹ́sàn-án ẹ̀jẹ̀ sí ìdá kan sítíréètì ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Tí iṣan bá ń sá, tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ìlà, sítíréètì á pọ̀ ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá wá da kálísíọ̀mù sí i, sítíréètì tó ṣẹ́ kù á gbé e mì, PT á gùn, INR á ga láìnídìí. Mo máa ń gbé ìgò sókè sí ìmọ́lẹ̀ wò ó kí n tó fi í sínú ẹ̀rọ. Èyí tí kò bá dé ìlà, mo máa ń dá a padà. Mo mọ̀ pé inú aláìsàn kì í dùn láti tún gba abẹ́rẹ́, àmọ́ nọ́ńbà èké lè mú kí wọ́n dá oògùn ẹni tí kò ní nǹkan kan dúró. Tí èsì yín bá fò lójijì, tí kò sì sí ohun tó yí padà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n tún fa òmíràn.

INR mi jẹ́ 5.5 àmọ́ kò sí ibi tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ṣé wọn kò ní fún mi ní fítámìn K?

Láàárín 4.5 sí 10, tí ẹ̀jẹ̀ kò bá jáde níbì kankan, wọn kì í sábà fún èèyàn ní fítámìn K. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ fo oògùn lọ́jọ́ kan tàbí méjì, wọ́n á tún un yẹ̀ wò, wọ́n á sì wá ìdí rẹ̀. Fítámìn K tó bá pọ̀ jù lè fa INR wálẹ̀ kọjá ibi tó yẹ, kó sì mú kí wọ́fáríìnì má ràn yín fún ọjọ́ púpọ̀. Tó bá ti ju 10 lọ, wọ́n sábà máa ń fún yín ní èyí tí wọ́n ń gbé mì.

Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ọ̀rọ̀ ti yí padà, nọ́ńbà yòówù kó jẹ́. Ìgbẹ́ tó dúdú bí ọ̀dà, èébì tó ní ẹ̀jẹ̀, orí fífọ́ líle tó dé lójijì, apá tàbí ẹsẹ̀ tó kú, ọ̀rọ̀ tó ń lọ́ lẹ́nu: ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ṣubú tó sì fi orí gbálẹ̀, bí kò tilẹ̀ dùn ún.

Ẹ̀gbọ́n mi ń lo rifarosabánì, wọn kì í yẹ INR rẹ̀ wò. Kí ló dé tí èmi ń wá lóṣooṣù?

Oògùn yẹn, àti apisabánì àti dabigatíránì, kì í gba ọ̀dọ̀ fítámìn K kọjá. Èròjà kan ṣoṣo nínú ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń dí tààrà, iye tí wọ́n ń lò sì máa ń dúró sójú kan. Wọn kò ṣe INR fún wọn. Ó lè gòkè díẹ̀, ó lè má gòkè rárá, kò sì sọ iye oògùn tó wà lára. Tí INR ẹ̀gbọ́n yín bá jẹ́ 1.1, ẹ má sọ fún un pé oògùn rẹ̀ kò ṣiṣẹ́.

Ẹ má sì torí àyẹ̀wò bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n yí tiyín sí irú tirẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní fáàfù onírin. Wọ́fáríìnì ló ń dáàbò bo fáàfù náà. Wọ́n ti fi dabigatíránì dán an wò lára irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, wọ́n sì dá ìwádìí náà dúró kó tó parí nítorí pé ẹ̀jẹ̀ dídì àti ẹ̀jẹ̀ yíya pọ̀ jù.

INR mi jẹ́ 2.4, ó sì dúró dáadáa. Àmọ́ mo rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ mi. Ṣé oògùn ló fà á?

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ nìyẹn, "oògùn ẹ̀jẹ̀ ni", wọ́n á sì mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Tí INR bá wà níbi tó yẹ, wọ́fáríìnì kì í sábà dá ihò sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ibi tó ti ní ọgbẹ́ tẹ́lẹ̀, tí ì bá máa ṣẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láìsí ẹni tó rí i, á wá ṣẹ̀jẹ̀ débi tí ojú fi rí i. Ó lè jẹ́ òkúta inú kíndìnrín, ó lè jẹ́ kòkòrò, ó sì lè jẹ́ kókó nínú àpò ìtọ̀. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ inú ìgbẹ́.

Nítorí náà, tí INR yín bá jẹ́ 6, tí ẹ̀jẹ̀ sì jáde, wọ́n á kọ́kọ́ mú 6 wálẹ̀. Tó bá jẹ́ 2.4, ẹ sọ fún dókítà pé kó wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń wá, kẹ́ ẹ sì mú ìwé tẹ́ ẹ kọ INR yín sí dání, kó lè fojú ara rẹ̀ rí i pé nọ́ńbà náà kò tíì kúrò níbi tó yẹ láti oṣù mélòó kan.